Ẹtù Kì Í Ṣe Adìẹ

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sin adìẹ, ohun tó sì kó bá mi gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá máa ń béèrè. Ẹni tó mọ díẹ̀ bíi tèmi ni kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á kàn máa yan kiri àgbàlá bí ẹni pé òun ló kọ́ àwọn ẹyẹ bí wọ́n ṣe ń yé ẹyin.

Aránṣọ ni mí. Iwájú ilé ni máṣíìnì mi wà, ẹ̀yìnkùlé ni adìẹ mi wà, àárín méjèèjì ni pálọ̀ tí ọkọ mi jókòó sí fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Bíríkìlà ni Bàbá Ìbejì. Kò sí òpópónà kan ládùúgbò wa tí kò ní ilé tó mọ níbẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó parí ilé alájà kan, pákó tó dúró lé yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó já bọ́. Eegun itan ló ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ń tiro, dókítà sì ní kó má tún gun nǹkan kan mọ́ láyé rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ ló fa àga onítìmùtìmù aláwọ̀ ewé wa, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó jókòó. Mo bi í pé kí lẹ ń wò? Ó ní òun ń wò ó bóyá ògiri náà gún. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ ògiri ọ̀hún ní ọdún tí mo bí àwọn ìbejì. Àwọn ìbejì ti wà nílé ọkọ báyìí, wọ́n ń pè é lórí fóònù, á ní "mo wà", á fún mi ní fóònù padà. Mo bínú sí i, mo tún ṣàánú rẹ̀, mo tún bínú. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń gba òpópónà kan!

Ìyá Ẹlẹ́tù ló kó ọ̀rọ̀ tuntun wọlé. Opó àgbà kan ni, ìparí òpópónà wa nilé rẹ̀ wà, ẹtù àti pẹ́pẹ́yẹ ló ń sìn, ibẹ̀ la ti fún un lórúkọ. Ó wá kí n bá òun tú ẹ̀gbẹ́ bùbá òun fẹ̀ sí i. Ó yọjú sí pálọ̀, ó rí ọkọ mi, kò kí i kú ìjókòó rárá.

"Ọ̀gá bíríkìlà, ògiri ẹ̀yìn ilé mi ti ń tẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹrà. Ẹni tó jókòó sórí àpótí lè tún un ṣe."

"Màmá, mi ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Mi ò pè é níṣẹ́. Tún un ṣe fún mi, màá fún ẹ ní ẹtù méjìlá àti pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà. O ò ní gun nǹkan kan. Ilé ẹyẹ kì í ga ju èèyàn lọ."

Ó yí ojú padà sí ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí ó ń wá bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kó tó jáde lọ́jọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Ìbejì, màá gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èyí náà bá já sí asán, má tún bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kankan mọ́. Jẹ́ kí n jókòó mi jẹ́ẹ́." Mo ní mo ti gbọ́. Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà.

Nígbà tí ògiri náà parí, Ìyá Ẹlẹ́tù kò fún wa ní àwọn ọmọ kéékèèké. Ó ní ọmọ ẹtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bí òtútù bá fẹ́ sí i tàbí tí ìrì òwúrọ̀ bá rin ín, ó kú nìyẹn. Kódà ó lè kú sínú àwo omi tí kò jìn ju ìka lọ bí a kò bá kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹtù tó ti pé oṣù méjì, tó ti hu ìyẹ́, ló dáa. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ jẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin ní tiwọn.

Ọkọ mi fẹ́ kọ́ ilé kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, kí símẹ́ńtì má ṣòfò. Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Ṣé o fẹ́ fi ẹni tó ń da omi sílẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ rí omi sínú yàrá kan? Ibi tí pẹ́pẹ́yẹ bá sùn, á tutù kó tó di àárọ̀. Ẹtù ń fẹ́ ibi gbígbẹ. Ilé méjì ni."

Ó kọ́ méjì. Ẹ bá n wo ilé! Ilé gidi ni ti ẹtù: ó ga, páànù wà lórí rẹ̀, àwọ̀n wáyà yí i ká, igi tí wọ́n máa bà lé wà lókè pátápátá, nítorí ẹtù kì í fẹ́ sùn nílẹ̀. Ti pẹ́pẹ́yẹ náà, ó kọ́ ọ dáadáa bákan náà, ó fi igi ìbàlé sí i, ó sì mọ àtẹ̀gùn mẹ́ta síwájú ìlẹ̀kùn rẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n gbójú sókè ń wo ilé olówó iyebíye náà. Kò sí èyí tó lè gùn ún. Mo gbé wọn wọlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo ní, "Ẹ kú oríire, ẹ̀yin onílé àtẹ̀gùn." Ilẹ̀ ni wọ́n sùn, lórí èérún pákó, kò sí èyí tó tilẹ̀ wo igi ìbàlé. Lọ́jọ́ kejì Bàbá Ìbejì fọ́ àtẹ̀gùn, ó da iyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀ kó máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọlé.

Ti adágún omi kékeré tó ṣe fún pẹ́pẹ́yẹ ló tún dùn jù. Ìyá Ẹlẹ́tù ti sọ pé àwo tó jìn tó kí pẹ́pẹ́yẹ lè ri gbogbo orí rẹ̀ bọ̀ ti tó, kó lè máa fọ imú àti ojú. Bíríkìlà kò gbọ́ "àwo". Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó mọ ọ́n yíká, ó fi símẹ́ńtì dán an bí ògiri báǹkì, ó fi okùn ìwọ̀n wò ó, ó gún régé. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wọ inú omi, wọ́n yọ̀ títí. Nígbà tí oòrùn fà á díẹ̀, tí omi lọ sílẹ̀, wọn ò lè jáde mọ́. Ògiri tó gún tó sì ń dán, kí ni wọ́n máa fi ẹsẹ̀ dì mú? Nígbà tí mo gbọ́ ariwo tí mo sáré débẹ̀, ara wọn ti ń wúwo, méjì ti ń rì. Mo wọ inú ẹ̀ tòun ti gèlè lórí, mo kó wọn jáde.

"Bàbá Ìbejì, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dáa jù tó fi fẹ́ pa pẹ́pẹ́yẹ!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó to búlọ́ọ̀kù sínú omi bí àkàbà, ó sì fi símẹ́ńtì tí kò dán ṣe ibi tí wọ́n á máa gbà jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí ti rí i pé èmi ò tíì ṣàṣìṣe kankan. Ẹ ní sùúrù.

Èmi ni mo ń bọ́ wọn láàárọ̀. Oúnjẹ adìẹ gbígbẹ ni mo kọ́kọ́ dà fún pẹ́pẹ́yẹ, mo gbé omi sí ọ̀ọ́kán, níbi tí mo máa ń gbé e sí fún adìẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kan gbé oúnjẹ mì, ó há a lọ́fun, ó ń na ọrùn bí ẹni ń wo ojú fèrèsé. Ọkọ mi sáré gbé omi tì í lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà la ti ń fi omi rin oúnjẹ wọn díẹ̀, omi kì í sì í jìnnà sí i. Ti ẹtù, oúnjẹ adìẹ lásán kò tó wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń dàgbà. A ń po ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ àti sóyà mọ́ ọn, Bàbá Ìbejì á sì lọ wú ikán wá fún wọn. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á gbọn ọkà bàbà nínú agolo, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, kó tó dà á fún wọn. Ìyá Ẹlẹ́tù ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, láì yẹ̀, kí ohùn agolo náà lè wọ̀ wọ́n lára.

Òfin kan tó le jù ló kù. Ìyá Ẹlẹ́tù ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ẹtù ò gbọdọ̀ jáde. "Kò tíì mọ̀ pé ilé yín nilé òun. Tó bá jáde kó tó mọ̀ ọ́n, ó di ẹyẹ oko." Bàbá Ìbejì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri ilé wọn ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Méjìlélógójì ló fẹ́ fà.

Nínú ọkàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Adìẹ tí mo bá rà lọ́jà, alẹ́ mẹ́ta péré ni màá fi sé e mọ́lé, lọ́jọ́ kẹrin á ti mọ ilé. Ẹyẹ náà kọ́ lẹyẹ ni?

Ìlà kẹrìndínlógún ni ọjọ́ tí ọkọ mi lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Oòrùn mú gan-an. Àwọn ẹtù ń han létí wáyà láti òwúrọ̀, ariwo wọn ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì, mo rán apá aṣọ kan sódì lẹ́ẹ̀mejì. Àánú wọn ṣe mí, inú sì ń bí mi. Àwọn méjèèjì ló jọ gbé mi dìde. Mo ṣí ìlẹ̀kùn.

Mọ́kànlá jáde. Ọ̀kan kò lè jáde: abo kan ni, ó ti ta ara mọ́ wáyà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi apá ṣèṣe, a sì sé e lọ́tọ̀ sínú àgò wáyà kékeré nínú ilé náà. Àwọn yòókù tàn kálẹ̀ sínú koríko, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ, wọ́n lẹ́wà. Mo káwọ́ lẹ́yìn, mo ní ṣé ẹ rí i, ṣé mo sọ ọ́? Aṣọ ibùsùn tí ará ilé kejì sá sórí okùn fẹ́ gbàà nínú atẹ́gùn. Àwọn mọ́kànlá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fò. Mo rò pé wọ́n á bà lé orí ọgbà bí adìẹ. Wọ́n kọjá ọgbà, wọ́n kọjá páànù káfíńtà, wọ́n di orí igi ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé.

Mo sáré. Mo ju òkúta, mo pariwo, mo fi ìró mi ṣe àsíá. Gbogbo bí mo ṣe ń sáré tó ni wọ́n ń gun òkè sí i. Àwọn ọmọ ilé ìwé yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú tì mí dé ìdí gèlè.

Nígbà tí mo padà sílé, Bàbá Ìbejì ti dé. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó ń wo ìlà mẹ́rìndínlógún lára ògiri. Mo ti ro irọ́ kan bọ̀ lójú ọ̀nà, pé atẹ́gùn ló ṣí i. Irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

"Èmi ni. Èmi ni mo ṣí i. Mo rò pé bí adìẹ ni."

Ì bá bínú. Ì bá pariwo mọ́ mi, inú mi ì bá dùn. Ó kàn mi orí, ó tiro wọlé, mo sì gbọ́ bí àga náà ṣe ń wọ́ lórí símẹ́ńtì. Ó ń yí i padà sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí ó dìde, èmi fúnra mi ni mo tún mú un jókòó. Mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà tí ẹrẹ̀ kún, mo gba ilé Ìyá Ẹlẹ́tù lọ.

Ó gbọ́ tèmi tán. "O fi òkúta lé wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé o ò mọ òkò sọ. Èwo ló kù nílé?"

"Ọ̀kan, abo, nínú àgò."

"Ó ti bùṣe. Ẹtù kì í lè dá wà. Gbé àgò náà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà nínú ilé wọn, níbi tí ohùn á ti jáde. Fi sílẹ̀. Á pè wọ́n. Abo ló ń ké ohùn méjì-méjì yẹn, akọ kì í lè ké e. Tó bá ti fẹ́ di ìrọ̀lẹ́, ẹ gbọn agolo yín. Wọ́n á dé ọgbà, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí ilẹ̀kùn. Orí ẹtù kéré, ọpọlọ inú ẹ̀ tún kéré sí i. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa dà wọ́n wọlé, pẹ̀lú igi gígùn. Má sáré, mo bẹ̀ ẹ́. Ìwọ yìí, má sáré."

Mo gbé àgò sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, abo yẹn na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn méjì, ohùn méjì, ohùn méjì, bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ohùn tí mo ti bú láti òwúrọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́."

Lókèèrè, lẹ́yìn ilé ìwé, ohùn kan dáhùn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó gbọ́ ọ láti inú pálọ̀? Mo gbọ́ àga, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó wúwo àti ọ̀kan tó fúyẹ́. Bàbá Ìbejì yọ sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú agolo ọkà bàbà lọ́wọ́, kò wò mí. Ó gbọn ọ́n. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀.

Wọ́n bà lé páànù káfíńtà. Wọ́n bà lé orí ọgbà. Wọ́n bọ́ sínú àgbàlá wa, mẹ́wàá, wọ́n sì sáré tọ ẹnìkejì wọn lọ. Wáyà dá wọn dúró. Wọ́n ń sáré síwá, wọ́n ń sáré sẹ́yìn lẹ́bàá wáyà, wọ́n ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọn ò rí i. Mo dìde fùú. Gbogbo wọn gbé apá sókè.

"Ìyá Ìbejì, dúró. Ìyára rẹ ló ń dẹ́rù bà wọ́n."

Mo dúró bí òpó. Ó lọ mú pákó gígùn tó fi máa ń tẹ́ ògiri, ó nà án jáde lápá ọ̀tún, ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Mo mú ọwọ́ ìgbálẹ̀, mo ń rìn ní òdìkejì, mo gbìyànjú láti máa bá a rìn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó pé ń yá jù. Mo ní láti máa wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kí n tó mọ ìgbà tí mo lè gbé tèmi. Àwọn ẹtù wo pákó, wọ́n wo ọ̀pá, wọn ò bẹ̀rù, wọ́n kóra jọ, wọ́n ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ẹnu ni mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo fi ẹsẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀kan rí ilẹ̀kùn. Àwọn yòókù rọ́ tẹ̀ lé e.

Ó ti ìlẹ̀kùn, ó fara ti ògiri, ó ń mí.

"Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò wúlò mọ́," ló sọ, àfi bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín pé ni, orí igi ni wọn ì bá sùn," mo dáhùn. Mo fi etí gèlè nu omijé, mi ò tiẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ìkọkànlá sun orí páànù káfíńtà. Láàárọ̀ kùtù ó ti wà lẹ́bàá wáyà, ó ń bú wa pé a ò tètè jí.

Bàbá Ìbejì pa ìlà mẹ́rìndínlógún rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sókè wọn pé: ÌYÁ ÌBEJÌ KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN ÌLẸ̀KÙN YÌÍ. Gbogbo oníbàárà mi ló kà á. Ó tún ra àgádágodo, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìgbànú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, oníbàárà kan fẹ́ jókòó, mo wọ pálọ̀ lọ gbé àga aláwọ̀ ewé wá. Kò sí níbẹ̀. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, láàárín ilé méjèèjì, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ wà lára tìmùtìmù rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti bínú nítorí aṣọ àga tí mo fi ọwọ́ mi rán. Mo pa á dé. Mo gbé àpótí fún oníbàárà.

Ọjọ́ kejìlélógójì, ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ẹtù tó jẹun, ó pè mí. Ó ní méjì la máa kọ́kọ́ tú sílẹ̀, kí mẹ́wàá wà nínú ilé láti máa pè wọ́n, kí ebi sì máa rán wọn létí. Bó bá yá, a ó máa fi kún un. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìgbànú, ó nà án sí mi.

"Ìwọ ni kó o ṣí i."

"Èmi kẹ̀? Ẹ ò rí ohun tẹ́ ẹ kọ sára ògiri ni? Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ dá a ṣe."

Mo ṣí i. Méjì jáde, mo tì í padà. Wọ́n fò sórí ọgbà, wọ́n fò kọjá, a ò rí wọn mọ́. Ó jókòó sórí àga, èmi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ilé, abo tí apá rẹ̀ ti san ń ké ohùn méjì, ohùn méjì. Pẹ́pẹ́yẹ kan wá dùbúlẹ̀ sórí bàtà mi, ara rẹ̀ tutù.

Bàbá Ìbejì gbé agolo lé mi lọ́wọ́. Mo gbọn ọ́n bó ṣe máa ń gbọn ọ́n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láì yára. Ẹtù kìíní bọ́ sílẹ̀ níwájú wa, èkejì tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì sì dìde pẹ̀lú igi wa.